Ṣé àṣà ìbílẹ̀ wa ni a tún máa jẹ́rìí sí ní kóòtù?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń fi òfin Nàìjíríà wé ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá wà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìbàdàn, tí mo sì ní òfin tí ilé aṣòfin ṣe ló gbè mí, abala òfin náà ni màá kàn tọ́ka sí. Bó bá jẹ́ òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn adájọ́ wọn fi ìdájọ́ ṣe láti ayébáyé, màá tọ́ka sí ẹjọ́ tí wọ́n ti dá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àṣà Yorùbá ni mo gbé ẹ̀tọ́ mi lé, wọ́n á ní kí n lọ mú ẹlẹ́rìí wá. Ní Ìbàdàn o! Báwo ni òfin ilẹ̀ wa ṣe wá di àlejò nínú ilé ara rẹ̀?"

Ìbéèrè tó dáa ni. Mo sọ fún un pé màá kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe ní kàyéfì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìlànà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé adájọ́ ti mọ òfin kó tó jókòó. Ẹnikẹ́ni kì í jẹ́rìí láti sọ fún adájọ́ ohun tí òfin wí. Ohun tí a ń jẹ́rìí sí ni ohun tó ṣẹlẹ̀: ta ló lu ta, ta ló san owó, ọjọ́ wo ni bàbá kú. Ṣùgbọ́n adájọ́ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá sí etíkun wa kò mọ bí a ṣe ń pín ogún, kò sì gbọ́ èdè wa. Òfin tí kò mọ̀ ni òfin wa jẹ́ lójú rẹ̀, bí òfin Faransé tàbí ti Jámánì. Bí wọ́n sì ti máa ń ṣe pẹ̀lú òfin ilẹ̀ òkèèrè ní kóòtù wọn náà ni wọ́n ṣe pẹ̀lú tiwa: wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ẹlẹ́rìí ń jẹ́rìí sí. Ní 1916, nínú ẹjọ́ Angu àti Attah tó wá láti Gold Coast, èyí tí à ń pè ní Gánà lónìí, Pírífì Káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́ tààrà. Wọ́n ní àwọn tó mọ àṣà ni kó kọ́kọ́ wá jẹ́rìí sí i. Tí wọ́n bá ti jẹ́rìí sí àṣà kan léraléra títí ó fi di mímọ̀ dáadáa ní kóòtù, adájọ́ lè gbà á láìbéèrè ẹlẹ́rìí mọ́.

Àwọn adájọ́ tó jókòó ní Ìbàdàn lónìí, ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jókòó nínú ìpàdé ẹbí tí wọ́n ti ń pín ogún. Síbẹ̀ ìlànà ọjọ́ un ló ṣì wà, ó kàn wá wọ inú ìwé òfin ni. Abala 16 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ọ̀nà méjì péré ni àṣà lè gbà wọ ẹjọ́: yálà kí adájọ́ gbà á láìgbẹ̀rí, tàbí kí a fi ẹ̀rí hàn pé ó wà. Abala kan náà ló sọ pé ẹni tó bá ní àṣà báyìí ń bẹ ni ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀. Abala 18 sì ní àṣà tí kò bá gba ọ̀nà àkọ́kọ́ wọlé, bí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí a ṣe jẹ́rìí sí i.

Ohun kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbójú fò níbí. Òfin Ẹ̀rí yìí kò de kóòtù ìbílẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́, nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, àfi bí aláṣẹ bá pa á láṣẹ pé kí wọ́n lò ó níbẹ̀. Abala 256 ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń dájọ́ níbẹ̀, ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa àṣà àdúgbò wọn ni wọ́n fi ń dá a. Nítorí náà ìyàlẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ wa, ti Ilé Ẹjọ́ Gíga ni. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ àṣà bá gun òkè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wọ aṣọ dúdú ló tó di ohun tí à ń jẹ́rìí sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ogún ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń pọ̀ jù. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà méjì tí Yorùbá ń gbà pín ogún bàbá tó ní ìyàwó púpọ̀ tí kò sì ṣe ìwé ìhágún. Nínú ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ la máa fi pín in, àwọn ọmọ ìyàá kọ̀ọ̀kan á sì lọ pín ti ìdí wọn. Nínú orí-ò-jorí, iye ọmọ la máa fi pín in, kálukú á gba dọ́gba-dọ́gba.

Ẹjọ́ tó ṣe pàtàkì jù lórí rẹ̀ ni ti Dáwódù àti Dánmọ́lé. (Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ àkọ́kọ́ yẹn. Ní Èkó, dáwódù náà ni wọ́n ń pe àkọ́bí ọkùnrin tó ń di olórí ẹbí lẹ́yìn bàbá. Ẹjọ́ náà kúkú bá orúkọ mu.) Ọkùnrin kan kú ní Èkó, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí ni tàbí ọ̀nà mẹ́sàn-án? Kóòtù àkọ́kọ́ kọ ìdí-igi, ó ní kò bá ẹ̀tọ́ mu. Ní 1958, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti ìjọba àpapọ̀ yí ìdájọ́ yẹn padà. Ní 1962, Pírífì Káńsù fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ṣe.

Ohun tí ẹjọ́ náà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ju pé ìdí-igi ló wọlé lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ lọ́yà ti máa ń ṣe àṣìṣe. Ó ní ìdí-igi ni àṣà gan-an, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ lórí bí wọ́n ṣe máa pín in, olórí ẹbí ní àṣẹ láti sọ bóyá orí-ò-jorí ni kí wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó bá sì sọ ni abẹ gé. Orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tuntun díẹ̀ tí wọ́n mú wọlé láti fi dènà ẹjọ́. Nítorí náà àwọn ọ̀nà méjèèjì kì í ṣe orogún tó ń bá ara wọn jà. Ọ̀kan ni ìlànà, ìkejì jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè fà yọ bí ìjà bá dé.

Ní báyìí, ẹ fojú inú wo ẹbí kan ní Ìbàdàn. Bàbá kú láìṣe ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́ta ló ní, gbogbo wọn ló sì fẹ́ nílànà ìbílẹ̀. Ìyálé bí márùn-ún, ìkejì bí méjì, ìyàwó kékeré bí ọ̀kan ṣoṣo. Ilé tí wọ́n fi ń gba owó haya wà, mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà (₦2,400,000) ló ń wọlé lọ́dún. Bí ẹ bá lo ìdí-igi, ìdí kọ̀ọ̀kan á gba ₦800,000. Ọmọ ìyàwó kékeré á dá tiẹ̀ kó lódindi. Àwọn ọmọ ìkejì á gba ₦400,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Àwọn márùn-ún ti ìyálé á gba ₦160,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá lo orí-ò-jorí, ₦300,000 ni kálukú á gbà. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Àwọn ọmọ ìyálé lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga, wọ́n fẹ́ orí-ò-jorí. Kí ni lọ́yà wọn máa ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kó kọ àṣà náà sínú ìwé àlàyé ẹ̀sùn, kó sì kọ ọ́ yanjú. Kò tó kó kọ pé "gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá." Àṣà ti ìlú wo, ti agboolé wo, kí ló sọ, ìgbà wo la máa ń lò ó? Bí kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ̀rí tí ẹlẹ́rìí bá wá sọ lórí rẹ̀ kò ní níbi tó máa dúró sí, adájọ́ kò sì ní kà á sí. Wọ́n bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n wá jẹ́rìí lórí "àṣà Yorùbá nípa ilẹ̀." Mo bi lọ́yà náà pé, "Ìlú wo?" Ó dákẹ́. Mo ní kó padà lọ bi oníbàárà rẹ̀ ná.

Èkejì, ta ni ẹlẹ́rìí? Abala 70 gba èrò àwọn ọba, àwọn ìjòyè, àti àwọn mìíràn tó ní ìmọ̀ pàtàkì nípa àṣà náà. Ó tún gba ìwé tí àwọn ọmọ àdúgbò náà fúnra wọn gbà gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ lórí òfin wọn. Ẹ ka gbólóhùn yẹn dáadáa. Ìwé tí èmi ọ̀jọ̀gbọ́n kọ, tó wà ní ilé ìkàwé yunifásítì, kò di aláṣẹ torí pé ó nípọn. Àwọn tó ni àṣà ló gbọ́dọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyẹn máa ń dun àwa tó ń kọ̀wé díẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ò ṣìnà níbẹ̀.

Bí àkọ́bí ìyálé bá dá nìkan bọ́ sí ibi ìjẹ́rìí, tó ní, "Bí a ṣe ń ṣe é nìyí," ewu ńlá ni. Òun náà ló fẹ́ jẹ owó ọ̀hún. Àwọn kóòtù wa ti sọ ọ́ pé kò dára kí a gbára lé ẹnu ẹni tó ń jà fún àṣà náà nìkan. Kí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tí kò ní ìpín níbẹ̀ wá gbè é lẹ́sẹ̀. Nítorí náà lọ́yà á wá mọ́gàjí agboolé mìíràn, tàbí ìjòyè kan. Ìwọ̀nyí ni ohun tí lọ́yà ẹ̀gbẹ́ kejì máa bi ìyẹn: Ogún mélòó lẹ ti bá wọn pín? Ti ta ni? Ṣé ojú yín ló ṣe é ni àbí ẹ gbọ́ ọ ni? Ẹlẹ́rìí tó bá ń dáhùn pé "gbogbo ayé ló mọ̀" ti ń rì nìyẹn. Èyí tó máa dúró ni ẹni tó lè sọ pé, "Nígbà tí bàbá wọn àgbà kú, mo wà níbẹ̀. Ìjà ṣẹlẹ̀. Olórí ẹbí ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí, wọ́n sì pín in bẹ́ẹ̀." Abala 19 fi àyè gba irú ẹ̀rí yìí, torí ó ń fi hàn bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣe lo àṣà náà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Lójú tèmi, pípín kan tí a rí borí ẹnu ìjòyè mẹ́wàá tó ń sọ̀rọ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí mo ní wọ́n ti máa ń ṣìnà. Ọ̀pọ̀ lọ́yà àwọn ọmọ ìyálé á fẹ́ fi hàn pé orí-ò-jorí ni àṣà Ìbàdàn, pé ìdí-igi ti kú. Ẹrù tó wúwo ni wọ́n gbé ka ara wọn lórí yẹn, torí àwọn ọmọ ìyàwó kékeré kò nílò ẹlẹ́rìí kankan láti gbe ìdí-igi lẹ́sẹ̀. Abala 17 ní adájọ́ lè gba àṣà kan láìgbẹ̀rí bí kóòtù ńlá bá ti dá ẹjọ́ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n kàn máa gbé ìdájọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà yẹn ló fún àwọn ọmọ ìyálé lọ́nà. Ohun tí wọ́n nílò kò ju méjì lọ: pé ìjà ṣẹlẹ̀, àti pé olórí ẹbí ti sọ pé orí-ò-jorí ni. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà mọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Ìpàdé wo, ọjọ́ wo, ta ló wà níbẹ̀, ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀? Bí olórí ẹbí kò bá tíì sọ nǹkan kan, kò sí ẹ̀rí ìjòyè tó máa gbà wọ́n. Bó bá sì jẹ́ àkọ́bí ìyálé fúnra rẹ̀ ni olórí ẹbí, kí wọ́n múra sílẹ̀ fún ìbéèrè, torí ọ̀gbẹ́ni yẹn ń dájọ́ sápò ara rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí "lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo" tó wà ní abala 17. Òfin Ẹ̀rí àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ní kóòtù gbọ́dọ̀ ti lo àṣà náà ní àdúgbò kan náà, débi tí a fi lè gbà pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kà á sí ohun tó dè wọ́n. Ti 2011 yọ ọ̀rọ̀ àdúgbò kúrò. Ẹjọ́ kan ti tó. Ìrọ̀rùn wà níbẹ̀: àwọn ọmọ ìyàwó kékeré kò ní náwó kó ìjòyè wá. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Èkó ni Dáwódù àti Dánmọ́lé. Ṣé ó bá ọmọ Òǹdó tàbí ọmọ Ẹ̀gbá mu bẹ́ẹ̀ náà? Àti pé bí àwọn èèyàn bá ti yí ọwọ́ padà láti 1962 ńkọ́? Láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé ní Èkó ní 1908 ni adájọ́ àgbà ti sọ pé ohun tó hàn jù nínú àṣà ilẹ̀ wa ni pé ó máa ń tẹ̀ síbi tí ayé bá tẹ̀ sí. Òfin tó ní ẹjọ́ kan ti tó lè gbé àṣà sínú yìnyín. Èrò mi ni pé "lè" tó wà nínú abala náà kì í ṣe "gbọ́dọ̀," nítorí náà ẹni tó bá ní ẹ̀rí pé àṣà ti yí padà ní ìlú òun, kó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn, kó sì mú ẹlẹ́rìí wá.

Ìgbà tí a bá tilẹ̀ jẹ́rìí àṣà yanjú, iṣẹ́ ò tíì parí, torí àwọn òfin yòókù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ká ní bàbá yẹn ti bá ìyálé ṣe ìgbéyàwó kóòtù ní Èkó, ọ̀rọ̀ ìdí-igi kò ní yọjú rárá. Abala 49 nínú Òfin Ìṣàkóso Ogún ti ìpínlẹ̀ Èkó ní ẹni tí àṣà ń dè, tó bá fẹ́yàwó lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó tó sì kú láìṣe ìwé ìhágún, tó fi aya tàbí ọmọ sílẹ̀, àṣà kọ́ la máa fi pín ohun ìní tirẹ̀. Nítorí náà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó máa wá ìjòyè kiri.

Ẹnu ọ̀nà kejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí-ọkàn. Abala 18 ní a kò ní lo àṣà tó bá lòdì sí ire ìlú tàbí tí kò bá òdodo àti ẹ̀rí-ọkàn rere mu. Òdodo ti ta? Ohun tí wọ́n bá kóòtù àkọ́kọ́ wí lórí Dáwódù gan-an nìyẹn. Pírífì Káńsù ní a kò gbọ́dọ̀ fi ojú ìlú tí ọkùnrin ti ń fẹ́ aya kan ṣoṣo wo ìlú tí wọ́n ti ń fẹ́ púpọ̀. Ìgbìmọ̀ kan náà ló sì sọ ní 1931, nínú ẹjọ́ Èṣùgbàyí Elékòó, pé kóòtù kò lè fúnra rẹ̀ tún àṣà burúkú ṣe kó wá lò ó. Bó bá burú, kó kọ̀ ọ́; àwọn tó ni ín ló lè tún un ṣe. Ẹnu ọ̀nà kẹta ni Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè. Ní 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní àṣà Ìgbò tí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin pín nínú ogún bàbá rẹ̀ lòdì sí abala 42. Bí ẹ bá kó gbogbo ìjòyè ilẹ̀ Ìgbò wá jẹ́rìí pé àṣà náà wà lóòótọ́, kò yí nǹkan padà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò, torí ìfiwéra ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ṣe. Gánà, níbi tí ìlànà 1916 yẹn ti wá, ti kúrò lórí rẹ̀. Abala 55 nínú Òfin Kóòtù wọn ti 1993 ní ìbéèrè nípa àṣà jẹ́ ìbéèrè nípa òfin, kì í ṣe nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Adájọ́ ló máa wá a: á gbọ́ àlàyé àwọn lọ́yà, á wo àwọn ẹjọ́ àtijọ́ àti àwọn ìwé. Bí iyèméjì bá ṣì wà, á ṣe ìwádìí, ó sì lè ní kí Ilé Ìgbìmọ̀ àwọn Ìjòyè kọ èrò wọn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní Nàìjíríà, bí lọ́yà rẹ bá ya ọ̀lẹ, àṣà rẹ ò sí. Ní Gánà, ẹrù náà wà lọ́rùn adájọ́ pẹ̀lú.

Gúúsù Áfíríkà dúró sí àárín. Òfin wọn ti 1988 ní kóòtù lè gba òfin ìbílẹ̀ láìgbẹ̀rí bí ó bá ṣeé rí ní kíákíá pẹ̀lú ìdánilójú tó tó. Òfin ilẹ̀ òkèèrè sì wà nínú gbólóhùn kan náà. Ẹ rí i pé ojú àlejò ọjọ́ un kò tíì kúrò tán. Ṣùgbọ́n kí ni "ìdánilójú" nígbà tí àṣà ń yí? Ní 2013, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ kú gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Kóòtù Òfin Orílẹ̀-èdè wọn. Obìnrin kejì ní ọkọ náà ti fẹ́ òun, ìyálé sì ní wọn kò sọ fún òun. Ẹjọ́ Mayelane àti Ngwenyama nìyẹn. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bóyá àṣà àwọn Tsonga ní kí ọkọ gba àṣẹ lẹ́nu ìyálé. Kóòtù kò dúró kí lọ́yà ṣe é tán, òun fúnra rẹ̀ ló béèrè ẹ̀rí sí i. Àwọn olórí ìlú sọ tiwọn, àwọn onímọ̀ sọ tiwọn, wọ́n sì pe àwọn tó wà nínú ilé olóbìnrin púpọ̀ láti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba. Kóòtù kò torí ìyẹn sọ pé àṣà náà kò ṣeé mọ̀. Ó mú ohun tí wọ́n fi ẹnu kò lé lórí, pé ó yẹ kí ìyálé gbọ́ sí i, ó sì fi ẹ̀tọ́ inú Ìwé Òfin wọn gbé e dé ibi pé ìyálé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìgbéyàwó kejì kò dúró.

Ní kóòtù tiwa, ẹ̀rí tó forí gbárí bẹ́ẹ̀ léwu gidigidi fún ẹni tó mú àṣà náà wá, torí òun ni ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀: kó mú ẹ̀rí Mayelane yẹn, bó ṣe forí gbárí, kó gbé e ka iwájú abala 16 tiwa, kó wá kọ ìdájọ́ tó rò pé adájọ́ Ìbàdàn á dá. Ó ní òun á fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn ọdún Iléyá.